Okùn, Irin àti Orúkọ Ọmọ Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Kí ọjọ́ ìdánrawò iná tó dé, olùkọ́ tó ń ṣètò rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi orúnkún rin ọ̀nà náà. Mo dúró ti ògiri, mo ń wò ó. Ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń jókòó sí, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, títí ó fi dé ìta. Ohun tí ojú àgbàlagbà tó wà lóòró kì í rí ló ń wá: etí tábìlì tó ṣe déédéé iwájú orí ọmọ, ìṣó tó yọrí jáde lára àga, ìloro tó fi ìwọ̀n ìka méjì ga ju ilẹ̀ lọ, okùn aṣọ ìkélé tó lè kọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti rí irú rẹ̀ ló ń fi ẹfun sàmì sí. Káfíńtà ni yóò wá wo àwọn àmì náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbàdàn ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà wà, ilé ilẹ̀ gígùn kan tó ní yàrá mẹ́fà tó to lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo sì so wọ́n pọ̀. Yàrá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló wà ní òpin pátápátá. Ọmọ 27 ló wà níbẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta, èyí tó dàgbà jù kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Olùkọ́ kíláàsì kan, igbákejì rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀dọ́, àti ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo ọmọ ń pè ní Màámi ló ń mójú tó wọn. Àǹtí Àgbà ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń ṣètò ìdánrawò. Irin dí gbogbo ojú fèrèsé nítorí olè, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, nítorí náà fèrèsé kì í ṣe ọ̀nà àbájáde rárá. Ilẹ̀kùn méjì ló kù: èyí tó já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti ọ̀kan ní ẹ̀yìn yàrá tí páálí ìwé àtijọ́ ti dí pa láti ọjọ́ pípẹ́. Páálí wọ̀nyí ni Àǹtí Àgbà kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó kúrò, kó tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Ohun kan wà tí gbogbo ètò rẹ̀ dúró lé. Ọmọ kékeré tí ẹ̀rù iná tàbí ariwo bá bà kì í sábà sá jáde. Ńṣe ló máa ń sá pamọ́. Abẹ́ ibùsùn, inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tó bá ti ṣókùnkùn tó sì há ni ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń kà sí ibi ààbò. Àwọn panápaná mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ wá irú ibẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wà nínú ilé. Àgbà lè gbọ́ ìkìlọ̀ kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹni tó mọ̀ ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, iṣẹ́ Àǹtí Àgbà kì í ṣe láti kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń sáré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ohùn ìkìlọ̀ di ohun tí ọmọ ń gbọ́ tó fi ń wá sọ́dọ̀ olùkọ́, dípò ohun tó ń gbọ́ tó fi ń sá fún un.

Ohùn náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Agogo ilé-ẹ̀kọ́ ti níṣẹ́ tirẹ̀: òun ni wọ́n ń lù fún àdúrà àárọ̀, fún ìsinmi, fún ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sílé. Bí wọ́n bá tún lù ú fún iná, ìdajì ọmọ ni yóò gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní kí wọ́n so rìmù ọkọ̀ àtijọ́ kan mọ́ igi níwájú ọ́fíìsì, kí wọ́n sì fi irin kúkúrú kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lílù tirẹ̀ kò ní ìdádúró: kan-kan-kan-kan, títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi jáde. Kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ó ṣe ń dún gan-an. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé irin kékeré kan wá sínú yàrá, ó jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú. Lọ́jọ́ kejì, Màámi lu rìmù náà jẹ́jẹ́ láti òkèèrè nígbà tí olùkọ́ wà láàárín wọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó dún díẹ̀ sí i. Ọmọkùnrin kan wà tí kò lè fara da ariwo. Yóò di etí, yóò sì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò fipá mú un. Wọ́n pinnu pé Màámi ni yóò máa di ọwọ́ tirẹ̀ mú ní gbogbo ìgbà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ètò bí wọ́n ṣe kọ gbogbo nǹkan yòókù, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò dípò Màámi lọ́jọ́ tí kò bá wá.

Ẹ̀yìn èyí ni okùn. Okùn aláwọ̀ búlúù méjì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó mítà 5, tó sì nípọn tó àtàǹpàkò ọmọdé. Wọ́n rán ojú okùn sí ọ̀tún àti sí òsì ní méjì-méjì, tí ìlàjì mítà sì wà láàárín ìlà kan àti èkejì, kí ẹsẹ̀ ọmọ má baà tẹ ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ìlà méje ní méjì-méjì jẹ́ ojú 14; okùn méjèèjì gba 28, ọmọ sì jẹ́ 27, tó túmọ̀ sí pé ojú kan gbọ́dọ̀ ṣófo nígbà gbogbo. Bí ojú méjì bá ṣófo, ẹnì kan kò sí níbẹ̀. Àǹtí Àgbà ti fi ojú yẹn ṣe ìwọ̀n kí wọ́n tó ka orí ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ pupa wé ibi tí àgbàlagbà ń dì mú níwájú àti ibi tí àgbàlagbà ń dì mú lẹ́yìn. Kò jẹ́ kí wọ́n so ojú okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ rárá. Ọwọ́ ni ọmọ yóò fi di í mú, nítorí bí ọ̀kan bá ṣubú, ó gbọ́dọ̀ lè jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó má baà fa àwọn yòókù lulẹ̀.

Ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dì mú kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń fi ṣeré. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í yá ló ń fi sí iwájú, lẹ́yìn olùkọ́ gan-an, kí wọ́n lè jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlà ń bá rìn. Bí wọ́n bá wà lẹ́yìn, ìlà yóò fà, okùn yóò le, ẹni tó wà láàárín yóò sì dojú bolẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì tó máa ń jà kò sí ní ìlà kan náà. Ọmọ tó ń sunkún tí ìyá rẹ̀ bá ti lọ ló wà nítòsí ọwọ́ Màámi. Mo rí i tó ń to orúkọ wọn sórí ìwé, tó ń pa rẹ́, tó tún ń to ó, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lẹ́yìn náà ló fi okùn náà ṣe eré ojoojúmọ́: okùn ni wọ́n fi ń lọ fọ ọwọ́, okùn ni wọ́n fi ń lọ wo adìyẹ tó wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, bí olùkọ́ bá ti gbé okùn náà lórí ìṣó, àwọn ọmọ ti ń bọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe kọ́ wọn ní èéfín. Èéfín máa ń gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń kóra jọ sábẹ́ àjà, ó sì ń nípọn sí i, ìpín ìsàlẹ̀ yàrá a sì ní afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí fún ìgbà díẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ èyí fún ọmọ ọdún mẹ́ta? Ó mú aṣọ ìbora funfun kan, òun di ìkángun kan mú, Màámi di èkejì, wọ́n na án gbọọrọ ní gíga orúnkún wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, aṣọ yìí ni èéfín. Kò gbọdọ̀ kàn yín lórí." Wọ́n ń rákò lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ìdí rẹ̀ bá ga jù, aṣọ náà á fọwọ́ kàn án, òun fúnra rẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín, á wólẹ̀ sí i. Nígbà tí gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n, ó mú aṣọ náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láàárín ibi tí wọ́n ti ń rákò lọ, láìsọ nǹkan kan, wọ́n sì tún sọ ara wọn kalẹ̀ sí i. Kò kọ́ wọn ní yíyí gbirigbiri nílẹ̀ tí iná bá mú aṣọ lára. Ọmọ kékeré máa ń da méjèèjì pọ̀: ó lè gbọ́ ohùn ìkìlọ̀ kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí nílẹ̀ nígbà tó yẹ kó dìde. Ìyẹn yóò wá lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀.

Ó pe àwọn panápaná wá pẹ̀lú, nítorí ìdí kan ṣoṣo. Ẹni tó wọ aṣọ panápaná tán, tó fi ìbòjú bojú, tí èémí rẹ̀ sì ń dún hùú-hùú, jẹ́ ohun ẹ̀rù fún ọmọ. Ọmọ sì lè sá pamọ́ fún ẹni tó wá gbà á là. Ọ̀gbẹ́ni panápaná jókòó sílẹ̀ láàárín wọn pẹ̀lú aṣọ lásán, ó ń wọ ohun èlò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú wọn: bàtà, ẹ̀wù, akoto, ìbòjú níkẹyìn. Lẹ́yìn tó ti fi ìbòjú bojú, ó pe orúkọ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ náà sì mọ̀ pé ẹni ìṣáájú náà ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló gba àkókò jù. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti rí ló máa ń gba ọ̀nà kan náà jáde ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń dánrawò, títí ẹsẹ̀ ọmọ á fi mọ̀ ọ́n. Àǹtí Àgbà kò fara mọ́ ìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1958, iná ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Our Lady of the Angels ní ìlú Chicago. Ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, èéfín sì gba àkàsọ̀ náà gòkè, ó dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí àwọn ọmọ máa ń gbà jáde. Nígbà tí àwọn tó wà lókè yóò fi mọ̀, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ti di ibi tí kò ṣeé gbà. Ọmọ 92 àti obìnrin ẹlẹ́sìn mẹ́ta tó ń kọ́ wọn ló kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọ̀nà méjì nílé-ẹ̀kọ́ yìí, tí wọ́n sì ń dán àwọn méjèèjì wò. Nígbà tí ó bá fẹ́ dí ọ̀nà kan, Àǹtí Àgbà á dúró sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá rí aṣọ náà mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, kí wọ́n yí padà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ló kan géètì. Ó lọ bá máìgádì níbi tó jókòó sí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́kọ́rọ́ géètì ńlá ńkọ́?"

"Ó wà lápò mi, Àǹtí."

"Bí ẹ bá lọ ṣe àlùwàlá ńkọ́, sà?"

Bàbá wo àpò rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ kejì ti wà lórí ìṣó nínú ọ́fíìsì, ìkẹta sì wà lọ́wọ́ Àǹtí Àgbà. Géètì ńlá gbọ́dọ̀ ṣí kí ọkọ̀ panápaná lè wọlé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà bọ́ sójú títì. Nítorí náà ni ó fi fi ibi ìpàdé sí ìhà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tó jìnnà sí ilé tí kò sì dí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà nítòsí jáńgílófà ni wọ́n ti ń péjọ tẹ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ní òjìji. Bí àwọn ọmọ bá ti rí jáńgílófà, wọ́n a ju okùn sílẹ̀, ìlà a sì tú ká. Òjìji kò tó ìlà tó dúró.

Lẹ́tà ti lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí, wọ́n ti sọ fún àwọn aládùúgbò kí ẹnikẹ́ni má baà pe 112 nítorí ariwo irin. Àwọn ọmọ náà mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ sọ fún wọn pé wọ́n máa gbọ́ irin lónìí, wọ́n sì máa di okùn mú. Àǹtí Àgbà gbà pé àwọn ìdánrawò àkọ́kọ́ fún ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ jẹ́ òjijì. Ìpayà kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan tó wúlò, ó kàn máa ń kọ́ ọ pé ohùn yẹn burú.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni irin dún. Mo wà lẹ́yìn yàrá, aago Àǹtí Àgbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sáré nínú àwọn àgbàlagbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igbákejì olùkọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Inú yàrá ló máa ń ṣí sí, ìyẹn ni wọ́n fi kun ìlà funfun kan sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ kankan kò gbọdọ̀ kọjá títí ilẹ̀kùn yóò fi lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìdè òkè ilẹ̀kùn le. Ó na ọwọ́, kò tó o, ó fa àpótí kékeré kan, ó gun orí rẹ̀. Ó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Ó mú okùn kìíní, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí àwọn ọmọ, ó sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì: "Ọwọ́ sójú okùn." Màámi ti ń di ọwọ́ ọmọ tó kórìíra ariwo mú, ó ń fi ọwọ́ kejì darí àwọn tó kù sójú tiwọn. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ ti bàtà rẹ̀, ó fẹ́ wọ̀ ọ́. Màámi kò bá a jiyàn; ó ti bàtà náà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọmọ náà sórí okùn. Ní ìdánrawò ìṣáájú, bàtà nìkan ló jẹ wọ́n ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀, nítorí ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn fi ń jókòó lórí ẹní, olúkúlùkù sì fẹ́ wọ tirẹ̀ kó tó jáde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbá ipa ọ̀nà náà láràárọ̀, kí ẹsẹ̀ lásán lè gbà á láìsí òkúta mímú.

Okùn kìíní ń lọ. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn níbi ìloro. Igbákejì olùkọ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó ní "Gbé ẹsẹ̀", ìlà àkọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀, ó ní "Gbé ẹsẹ̀", ìlà kejì gbé e, bẹ́ẹ̀ títí dé orí ìlà keje. Okùn kejì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Màámi. Kò sí ẹni tó bì lu ẹnì kan.

Olùkọ́ kíláàsì ló kù sínú yàrá. Rẹ́jísítà wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sí nínú dúrọ́ọ̀. Ó ti mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá láti apá ọ̀tún yí ká, kò fo ibì kankan: abẹ́ tábìlì, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, inú ilé ìṣeré onípáálí tí ọmọ lè ká ara rẹ̀ sí, igun tí wọ́n ti ń sùn. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń pè wọ́n wá jẹun: "Ó yá o, a ti ń lọ." Kò pariwo orúkọ kankan. Ọmọ tó bá ti sá pamọ́, bí wọ́n bá kígbe mọ́ ọn, inú ló tún máa wọ̀ sí i. Níbi ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pákó rẹ̀ kó tó ṣí i. Bí pákó bá gbóná, iná ti wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣí i. Kò gbóná. Ó ṣí i, ó wò ó, ó pa á dé. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn yàrá tẹ̀ lé ara rẹ̀, ó pa á dé dáadáa ṣùgbọ́n kò tì í. Ilẹ̀kùn tó pa dé máa ń dá èéfín àti iná dúró fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yóò dá panápaná dúró pẹ̀lú.

Láti ìgbà tí irin ti dún títí tí ilẹ̀kùn fi pa dé jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ibi ìpàdé jìnnà tó mítà 40. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọmọ tí kì í yá níwájú, nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi rìn ín.

Níbi ọgbà, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun ya òbírípo méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún okùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ jókòó yí etí rẹ̀ ká, okùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ kíláàsì wo ojú okùn: ọ̀kan ṣoṣo ló ṣófo. Ó ka orí wọn: 27. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí ì bá ti gbé ọwọ́ sókè pé ó pé. Kò gbé e. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó ń pe orúkọ, bó bá ti pe ọ̀kan, á wo ojú ọmọ náà, á fi ọwọ́ kàn án lórí, kó tó sàmì sí i. Kò gba ìdáhùn "Ó wà níbí" láti ẹnu ọmọ mìíràn, nítorí ọmọ ọdún mẹ́ta lè dáhùn sí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní orúkọ kọkànlélógún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún pe orúkọ náà. Ó wo òbírípo méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló rí ọmọbìnrin kan tó di okùn mú dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ̀ rárá. Ọmọ Praimárì Kìíní ni; ó rí àbúrò rẹ̀ lórí okùn nígbà tí kíláàsì tiwọn ń jáde, ó sì lọ bá a, ó gba ojú tó ṣófo.

Ọmọ tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú akọ̀wé, tó ń jẹ bisikíìtì. Àǹtí Àgbà ló ti mú un lọ síbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ nígbà ìsinmi, láti wò ó bóyá wọn yóò mọ̀. Ti ọmọ Praimárì Kìíní kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni; òun ló sì mú kí iye bára mu.

Mo wo ohun tí olùkọ́ náà ṣe lẹ́yìn náà, nítorí ibẹ̀ ni ara ti máa ń fẹ́ ta ẹni. Kò sáré padà sínú ilé. Ó gbé káàdì pupa sókè, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan kò sí. Àǹtí Àgbà wá bá a, olùkọ́ sì sọ ohun mẹ́ta fún un láìfi ọ̀rọ̀ gùn: orúkọ ọmọ náà, ibi tí òun ti rí i kẹ́yìn, àti pé òun ti wo gbogbo yàrá òun pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí ni panápaná nílò kí wọ́n tó wọlé. Bí olùkọ́ bá padà wọlé fúnra rẹ̀, ọmọ 26 yóò kù pẹ̀lú àgbàlagbà méjì, panápaná yóò sì ní ẹni méjì láti wá dípò ẹnì kan. Àǹtí Àgbà fọ́n fèrè, akọ̀wé sì mú ọmọ náà wá. Olùkọ́ fi ọwọ́ kàn án lórí, ó sàmì sí orúkọ rẹ̀, ó parí orúkọ mẹ́fà tó kù, lẹ́yìn náà ló gbé káàdì aláwọ̀ ewé. Ìṣẹ́jú márùn-ún dín díẹ̀ ló jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mu omi, wọ́n kọrin, okùn méjèèjì sì padà sórí ìṣó.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àwọn àgbàlagbà jókòó yí tábìlì ká. Àǹtí Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe yára tó. Ohun tó bi wọ́n ni pé, "Níbo lẹ ti dúró?" Igbákejì olùkọ́ ní ìdè òkè ilẹ̀kùn ni. Àpótí tó gùn jẹ ẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 11, Àǹtí Àgbà ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Wọ́n kò lè yọ ìdè náà kúrò, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ jáde lọ láìsí ẹni tó rí i. Wọ́n mú téèpù wá, wọ́n wọn ibi tí ọwọ́ igbákejì olùkọ́ lè tó láti ilẹ̀, wọ́n sì pinnu pé ibẹ̀ ni káfíńtà yóò sọ ìdè náà kalẹ̀ sí: ọwọ́ rẹ̀ á tó o láìgun nǹkan kan, ọmọ tó ga jù nínú kíláàsì náà kò sì lè tó o bó tilẹ̀ na ọwọ́.

Wọ́n tún so síléètì kékeré kan mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni bá mú jáde, ì báà jẹ́ olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n mú un lọ gbọ́dọ̀ wà lórí síléètì kó tó kọjá ìloro, síléètì náà á sì bá rẹ́jísítà jáde. Ní ti Praimárì Kìíní, olùkọ́ wọn yóò jẹ́ kí ìlà tirẹ̀ gba apá kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n kò ti ní máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn àwọn àbúrò.

Ìdánrawò tó ń bọ̀ á wáyé ní oṣù tó ń bọ̀, ní aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ìdajì àwọn ọmọ bá ti sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Aṣọ pupa yóò wà ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọn yóò gbà. Ṣáájú ọjọ́ náà, Màámi ní láti wá bí èèyàn ṣe ń jí ọmọ mẹ́rìnlá kúrò lójú oorun láìjẹ́ kí ẹnì kan bú sẹ́kún. Ó ti sọ pé ẹsẹ̀ wọn lòun máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa, kì í ṣe orí.